Tẹ̀ńpúrà: bí a ṣe ń dín ọ̀dùnkún, ìgbá àti ilá nínú àpòpọ̀ tútù

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lemọ́lemọ́: "Mo dín tẹ̀ńpúrà, ara rẹ̀ nípọn bíi ti bọ́ọ̀nsì, òróró sì ń jò lára rẹ̀. Kí ni mo ṣe?" Tí mo bá ní kí ẹni náà sọ bó ṣe po fúláwà fún mi, èsì kì í yàtọ̀. Ó pò ó dáadáa títí ó fi dán, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá lọ gbé òróró kaná. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bàjẹ́, kí ohunkóhun tó kan òróró rárá.

Oúnjẹ àwọn ará Jàpáànù ni tẹ̀ńpúrà. Nígbà tí mo ń gbé ní Ọ̀sákà, màmá àgbàlagbà kan tí ilẹ̀kùn ilé wọn kọjú sí tèmi ló kọ́ mi. Àpòpọ̀ fúláwà tí wọ́n ń ti ẹ̀fọ́ bọ̀ yìí, kòrómò ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe aṣọ. Aṣọ náà ni èmi náà yóò máa pè é níhìn-ín, torí orúkọ yẹn sọ bó ṣe yẹ kó rí: kó fẹ́lẹ́, kó gbẹ, kí ẹ sì máa rí àwọ̀ ewé ilá tàbí pupa kárọ́ọ̀tì láti abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ kò bá rí nǹkan tó wà nínú, aṣọ ti nípọn jù.

## Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ tutù, tí a kì í sì í lù ú

Àkàrà ló kọ́ ọwọ́ wa. Ẹ̀wà tí a lọ̀, bí a bá ṣe ń lù ú tó ni atẹ́gùn ṣe ń wọ̀ ọ́, ni àkàrà náà ṣe ń fúyẹ́. Ẹni tó bá ti ń dín àkàrà láti kékeré, kò sí bí wọ́n ṣe lè fún un ní abọ́ àpòpọ̀ tí kò ní fẹ́ lù ú.

Àlìkámà kì í ṣe ẹ̀wà. Nínú fúláwà ni èròjà kan wà tó jẹ́ pé, bí omi bá ti kàn án, tí a sì ń pò ó, ó máa so pọ̀ mọ́ra bí àwọ̀n, á sì máa fà. Gírútẹ̀nì ni wọ́n ń pe àwọ̀n yẹn. Òun ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú kó sì máa fà, nítorí náà àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń wá a. Nínú tẹ̀ńpúrà, ọ̀tá ni. Bí ẹ bá ju ẹ̀fọ́ sínú òróró gbígbóná, omi inú aṣọ náà gbọ́dọ̀ di èéfín kó sì jáde kíákíá, kó fi ihò wínníwínní sílẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kó máa rún wómúwómú lẹ́nu. Àwọ̀n gírútẹ̀nì kì í jẹ́ kí omi náà rí ọ̀nà jáde. Aṣọ á le lọ́wọ́ ìta, á tutù nínú, tó bá sì pẹ́ díẹ̀ lórí àwo, omi tó kù nínú rẹ̀ á mú kí gbogbo rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ kí àwọ̀n yẹn tètè hun: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ tó ń pò ó, àti àkókò. Ìdí nìyí tí a fi ń lo omi inú fíríìjì, tí a kì í pò ó ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ, tí a kì í sì í pò ó kí òróró tó gbóná.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dán an wò lójú màmá yẹn, mo lù ú bí ẹni fẹ́ dín àkàrà Sátidé. Wọ́n wo inú abọ́ mi, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n mú abọ́ mìíràn, wọ́n da fúláwà sí omi ẹyin tútù, wọ́n fi igi ìjẹun méjì gún un níbí, wọ́n gún un lọ́hùn-ún, wọ́n dáwọ́ dúró. Fúláwà gbígbẹ ṣì wà létí abọ́, kókó sì kún inú rẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń kán wọn. Ìgbà tí a dín àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni mo tó gbà.

## Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀ fún èèyàn 4

Fún aṣọ:

- ife fúláwà 1, tí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ kọnfúláwà
- ẹyin 1
- omi tútù láti inú fíríìjì, tó jẹ́ pé òun àti ẹyin náà á kún ife kan náà tí ẹ fi wọn fúláwà
- fúláwà ṣíbí 3 lọ́tọ̀, tí ẹ máa fi wọ́n ara ẹ̀fọ́

Fún inú rẹ̀:

- ọ̀dùnkún 1 tó tóbi díẹ̀ (àwọn kan ń pè é ní ànàmọ́)
- ìgbá gígùn aláwọ̀ àlùkò 1
- ilá 8 tí kò tíì gbó
- àlùbọ́sà 1 àti kárọ́ọ̀tì 1

Òróró tó máa jìn tó sẹ̀ǹtímítà 4 nínú ìkòkò. Bí ìkòkò náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, á gba lítà 1 àti díẹ̀. Òróró ẹ̀pà dára, òróró sọ́yà náà dára. Ní Tókíò, ilé oúnjẹ púpọ̀ ń fi òróró ẹ̀kúkù, tí a tún ń pè ní yánmọtí, kún un kó lè ní òórùn dídùn, ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Epo pupa kò bá a mu: òórùn àti àwọ̀ rẹ̀ á bo ohun gbogbo.

Ẹ kò nílò òṣùwọ̀n. Ife kan sí ife kan ni: fúláwà ife 1, ẹyin pẹ̀lú omi ife 1. Tí ife yín bá gba mìlílítà 200, fúláwà náà máa tó gíráàmù 110.

Lórí fúláwà: ará Jàpáànù ń lo fúláwà rírọ̀ tí gírútẹ̀nì rẹ̀ kéré, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Púpọ̀ nínú fúláwà tí a ń rà lọ́jà wa jẹ́ ti búrẹ́dì, ó sì lágbára. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi kọnfúláwà kún un nìyẹn. Kọnfúláwà kò ní gírútẹ̀nì rárá, ó ń dín agbára èkejì kù. Bí ẹ bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Áméríkà tí ẹ rí fúláwà kéèkì rà, ẹ lè fi kọnfúláwà sílẹ̀.

## Gígé àti gbígbẹ

Ọ̀dùnkún: ẹ bó o tàbí kí ẹ fọ èèpo rẹ̀ dáadáa, ẹ gé e róbótó, kí ó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà tàbí kó fi díẹ̀ lé. Tó bá nípọn ju èyí lọ, aṣọ á ti pọ́n kí inú tó jinná.

Ìgbá: ẹ là á sí méjì gbọọrọ, kí ẹ sì gé ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì tàbí mẹ́ta. Bí ìgbá funfun kékeré tiwa ni ẹ ní, ẹ kọ́kọ́ tọ́ díẹ̀ wò, torí òmíràn máa ń korò, dídín kì í sì í mú ìkorò náà kúrò.

Ilá: odindi ni a ń lò ó, ẹ kàn gé ìdí rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ọ̀bẹ la ara rẹ̀ díẹ̀ lójú kan. Atẹ́gùn wà nínú ilá. Bó bá gbóná tí kò rí ọ̀nà jáde, yóò bẹ́, yóò sì ta òróró sí yín lára. Ata tútù odindi náà rí bẹ́ẹ̀.

Àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì: ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ gbọọrọ. Ìgbẹ̀yìn ni a máa lò wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́ nu gbogbo rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí. Omi tó bá wà lára ẹ̀fọ́ á mú kí aṣọ yọ̀ kúrò, á tún jẹ́ kí òróró máa ta.

## Ìgbésẹ̀ dídín

1. Ẹ gbé fúláwà sínú fíríìjì. Pò ó mọ́ kọnfúláwà ní gbígbẹ, kí ẹ sẹ́ ẹ, kó sì wà nínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Abọ́ tí ẹ máa pò ó sí náà, ẹ gbé e síbẹ̀.

2. Ẹ lu ẹyin sínú omi tútù. Ẹyin nìkan ni ẹ lè lù tó bó bá ṣe wù yín, torí fúláwà kò tíì sí níbẹ̀. Ẹ bu ìfófòó orí rẹ̀ dànù, kí ẹ dá a padà sínú fíríìjì.

3. Ẹ gbé òróró kaná, iná àárín. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ mọ́ láti ìsinsìnyí lọ.

4. Ẹ wọ́n fúláwà gbígbẹ sára ẹ̀fọ́. Ẹ da ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ dín sínú fúláwà ṣíbí 3 tí ẹ yà sọ́tọ̀, kí ẹ gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù. Ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ló ń jẹ́ kí aṣọ di ara ẹ̀fọ́ mú. Ara ìgbá àti ilá ń yọ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ fo ìgbésẹ̀ yìí.

5. Nígbà tí òróró bá ti ṣe tán, ẹ po ìdajì. Ìdajì omi ẹyin, ìdajì fúláwà. Ẹ da fúláwà náà sórí omi ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ mú igi ìjẹun méjì tàbí ìdí ṣíbí onígi méjì, kí ẹ gún un lọ sókè sódò nígbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tó. Ẹ dáwọ́ dúró bí kókó tilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó yẹ kó ṣàn bíi ògì tí kò ki, tí a kò tíì fi omi gbígbóná ṣe é. Ìdajì yòókù ń dúró nínú fíríìjì.

6. Ẹ tì í bọ̀, ẹ gbé e sóróró. Ẹ jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù jò padà sínú abọ́, kí ẹ wá tẹ́ ẹ̀fọ́ náà sínú òróró jẹ́jẹ́, láti ìhà ọ̀dọ̀ yín lọ sí ìhà kejì. Ẹ má jù ú láti òkè.

7. Ẹ má kún ìkòkò. Ìdajì ojú òróró ni kí ẹ̀fọ́ bò, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan tútù ni ẹ ń kó sínú rẹ̀. Bó bá pọ̀, òróró á tutù, aṣọ á sì jókòó máa mu ún.

8. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan. Kò gbọdọ̀ jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 àkọ́kọ́, torí aṣọ kò tíì dúró.

9. Ẹ gbé e sórí asẹ́ onírin, kì í ṣe sínú abọ́. Ẹ gbé e dúró lóòró tó bá ṣe é ṣe. Ẹ má to ọ̀kan lé orí òmíràn. Tíṣù lè wà lábẹ́ asẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ́ tẹ̀ńpúrà sórí tíṣù tààrà, èéfín á há sábẹ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì rọ̀.

10. Ẹ sẹ́ èérún kúrò lójú òróró kí ẹ tó kó òmíràn sí i. Èérún tó bá jóná á mú kí òróró korò.

## Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé òróró ti tó?

Ẹni tó bá ní tẹmọ́mítà, iṣẹ́ ti rọrùn fún un. Èyí tí kò ní, kó kán àpòpọ̀ díẹ̀ sínú òróró, kó máa wò ó:

- Ó rì dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó sì rọra ń gòkè padà: ó tó 160°C. Èyí ni ti ọ̀dùnkún, elégédé àti nǹkan líle tó ń fẹ́ àkókò kó tó jinná.
- Ó rì dé agbede méjì, ó sì fò padà sókè: ó wà láàárín 170°C sí 180°C. Èyí ni ti ìgbá, ilá, olú àti àwọn ewé.
- Kò rì rárá, ó fọ́n ká lójú òróró lójú ẹsẹ̀: ó ti kọjá 190°C. Ẹ dín iná kù, ẹ dúró.

Láti mọ ìgbà tó jinná, etí ni mo ń lò ju ojú lọ. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sóróró, ẹ máa gbọ́ ariwo ńlá, ìfófòó ńláńlá á sì yí i ká. Omi ló ń sá jáde. Díẹ̀díẹ̀, omi á dín kù, ìfófòó á di kéékèèké, ariwo náà á sì fẹ́lẹ́, bí òjò tó ń dá lórí páànù. Ẹ̀fọ́ tó rì tẹ́lẹ̀ á léfòó, á fúyẹ́ lẹ́nu igi ìjẹun, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n lára pé ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e jáde nígbà náà. Ẹ má dúró kó pọ́n bíi dùǹdú. Àwọ̀ tẹ̀ńpúrà máa ń wà láàárín funfun àti yẹ́lò tó ṣá. Ẹni tó bá dúró de pupa, á jẹ ọ̀dùnkún tó gbẹ àti ìgbá tó ti yòrò.

## Bí alẹ́ kan ṣe lọ nílé mi

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo dín èyí fún èèyàn mẹ́rin, mo sì kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀ kí n lè fi hàn yín.

Mo ti kó fúláwà àti omi ẹyin sínú fíríìjì ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ní 6:35, òróró dé 160°C. Mo po ìdajì. Ọ̀dùnkún ló kọ́kọ́ wọlé, ègé 5 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 2. Ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ ni mo fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún èyí tó nípọn jù lọ, ó wọlé láìsí ìjàkadì.

Mo fẹ iná díẹ̀, mo dúró de kíkán tó rì dé agbede méjì. Ìgbá wọlé, èyí tó ní èèpo kọjú sókè, ìṣẹ́jú 2. Ní àkókò yìí ni mo rí i pé àpòpọ̀ inú abọ́ ti ń ki, ó ti ń fà díẹ̀. Ó ti lo bíi ìṣẹ́jú 12 nínú ilé ìdáná tó gbóná. N kò fi omi là á, torí bí a ṣe ń pò ó kí ó lè là ni àwọ̀n ṣe ń hun sí i. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé abọ́ tútù mìíràn jáde, mo po ìdajì kejì. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ máà po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyí. Ilá ló kàn, mẹ́rin mẹ́rin, ìṣẹ́jú 1 àti díẹ̀. Ilá kì í pẹ́, ó sì yẹ kó ṣì máa tutù yọ̀yọ̀ lójú nínú aṣọ rẹ̀.

Àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì ló kẹ́yìn. Kakíágè ni wọ́n ń pe irú èyí. Mo kó wọn sínú abọ́ kékeré, mo wọ́n ṣíbí fúláwà 1 sí i, mo da ìwọ̀nba àpòpọ̀ tó kù lé e lórí, èyí tó kàn lè so wọ́n pọ̀ ni. Tí àpòpọ̀ bá pọ̀, ó di pánkéèkì. Mo fi ṣíbí ńlá bù ú, mo rọra tì í wọ inú òróró ní 170°C, létí ìkòkò, mo sì fi igi dì í mú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kó má baà tú ká. Nígbà tí ìdí rẹ̀ dúró, mo yí i, mo fi igi gún àárín rẹ̀ lójú méjì kí èéfín lè rọ́nà jáde. Ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ lápapọ̀. Ní aago 7:05, gbogbo rẹ̀ ti dórí tábìlì.

Mo dín ọ̀dùnkún ṣáájú nítorí pé òun ló ń di ooru mú pẹ́ jù. Ilá àti kakíágè, bí wọ́n ṣe ń jáde ni kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Nílé màmá Ọ̀sákà, àwọn tó kù á ti máa jẹun kí ẹni tó ń dín tó jókòó, kò sì sẹ́ni tó kà á sí àìbọ̀wọ̀.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀, àti ohun tó fà á

Òróró ń jò lára rẹ̀. Òróró kò gbóná tó, tàbí ẹ kó o pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ìfófòó kò pọ̀ nígbà tí ẹ gbé e sí i, ìyẹn ni.

Aṣọ ń bọ́ kúrò. Ẹ̀fọ́ kò gbẹ, tàbí ẹ kò wọ́n fúláwà gbígbẹ sí i.

Aṣọ nípọn, ó ń fà lẹ́nu. Ẹ pò ó jù, tàbí ó ti pẹ́ nínú abọ́. Kò sí àtúnṣe fún èyí tó wà lọ́wọ́, ẹ po òmíràn.

Ó gbẹ dáadáa, ó wá rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5. Ẹ tètè gbé e jáde kí omi tó tán, tàbí ẹ tò wọ́n léra. Ìgbá àti olú tètè máa ń rọ̀ ju ọ̀dùnkún lọ, torí omi pọ̀ nínú wọn.

Aṣọ pọ́n, inú sì ń dún kán-án lẹ́nu. Ẹ gé ọ̀dùnkún nípọn jù tàbí òróró gbóná jù fún un.

## Tí ẹ kò bá ní èyí, ẹ lo èyí

Bí ẹ kò bá jẹ ẹyin, ẹ fi í sílẹ̀. Omi tútù nìkan tó, aṣọ náà á funfun díẹ̀ sí i, á sì tún gbẹ ju ti ẹlẹ́yin lọ. Omi sódà tútù tí kò ní ṣúgà náà dára nínú irú èyí, torí atẹ́gùn inú rẹ̀ ń fi ihò kún ihò. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ mínírà dídùn o, ṣúgà á jẹ́ kó tètè jóná.

Àwọn kan ń fi páúdà kéèkì sí i. Ó máa ń wú, ó sì ń gbẹ, ṣùgbọ́n aṣọ náà á nípọn bí ti ẹja dídín àwọn ará Bírítéènì. Èmi kì í lò ó.

Bí yìnyín bá wà, ẹ lè gbé abọ́ àpòpọ̀ sínú abọ́ ńlá tó ní yìnyín. Ẹ má ju yìnyín sínú àpòpọ̀ náà gan-an, torí yóò yọ́, yóò sì là á. Ègé yìnyín tó bá sì bá ẹ̀fọ́ wọ inú òróró léwu púpọ̀.

Fún ewé, ará Jàpáànù ń lo ewé kan tí wọ́n ń pè ní ṣíṣò. Ẹ̀yìn ewé nìkan ni wọ́n ń ti bọ àpòpọ̀, ojú rẹ̀ á wà láìní aṣọ, kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ. Mo ti fi ewé ẹfinrin ṣe é bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, ó sì dùn mọ́ wa lẹ́nu.

## Iyọ̀ tàbí omi ọbẹ̀

Iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú nìkan tó, pàápàá fún ọ̀dùnkún àti ilá. Bí ẹ bá fẹ́ omi ọbẹ̀ tí wọ́n ń tì í bọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ni mẹ́rin sí ọ̀kan sí ọ̀kan: dáṣì mìlílítà 200, ọbẹ̀ sọ́yà mìlílítà 50, àti mírìn mìlílítà 50, tí í ṣe ọtí ìrẹsì dídùn. Ẹ sè é kó hó lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e kalẹ̀. Dáṣì ni omi tí wọ́n rẹ ewé òkun àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí. Ilé ìtajà àwọn ará Éṣíà ní ìlú ńlá ló máa ń ní i. Níbi tí kò bá sí, mo máa ń se edé gbígbẹ ìkúnwọ́ kan nínú omi fún ìṣẹ́jú 10, kí n sẹ́ ẹ. Kì í ṣe dáṣì, ṣùgbọ́n ó bá ọbẹ̀ sọ́yà mu. Ṣúgà ṣíbí 1 lè rọ́pò mírìn.

Ẹ kàn án díẹ̀ ni kí ẹ tó fi sẹ́nu. Ẹ má da omi ọbẹ̀ lé gbogbo àwo lórí.

## Iná òróró

Òróró tó ń rú èéfín ti kọjá ibi tí a ti ń lò ó. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ lórí iná títí ó fi kọjá 360°C tàbí níbẹ̀, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí pé ahọ́n iná kàn án. Nítorí náà:

- Òróró kò gbọdọ̀ ju ìdajì ìkòkò lọ.
- Ìdérí ìkòkò gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí ẹ tó tan iná.
- Bí fóònù bá dún tàbí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ẹ pa gáàsì kí ẹ tó dìde.
- Bó bá gbiná, ẹ má ṣe da omi sí i láéláé. Omi á rì, á di èéfín lójijì, á sì ju òróró tó ń jó káàkiri ilé. Ẹ pa gáàsì bí ọwọ́ yín bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, ẹ fi ìdérí bò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ má gbé ìkòkò náà jáde. Bí iná bá ti ju ìdérí lọ, ẹ jáde kí ẹ pe àwọn panápaná.

## Èyí tó kù

Tẹ̀ńpúrà tó bá sùn kì í padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n óòfùn tó gbóná dé 200°C fún ìṣẹ́jú 5 á mú un gbẹ díẹ̀. Maikírówéèfù á rọ̀ ọ́ pátápátá. Bí òróró bá ti tutù, ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́ sẹ́ ẹ sínú ìgò, kí ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Bó bá ti dúdú, tó ń yọ ìfófòó tí kò tètè lọ, tàbí tó ń rùn, ẹ dà á nù, ṣùgbọ́n kì í ṣe sínú síǹkì.

Èérún aṣọ tí ẹ sẹ́ kúrò lójú òróró, tẹ̀ńkásù ni wọ́n ń pè é ní Jàpáànù. Àwọn panápaná wọn máa ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ gidigidi. Bí a bá kó o jọ gègèrè ní gbígbóná, ooru á há sáàárín rẹ̀, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti sùn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù kó tutù. Bí ẹ bá fẹ́ dà á nù, ẹ fi omi rin ín lẹ́yìn tó bá ti tutù tán. Bí ẹ bá sì fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ wọ́n ọn sórí núdù olómi gbígbóná. Ohun tí màmá mi ní Ọ̀sákà máa ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nìyẹn, pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé díẹ̀ lórí rẹ̀.